Ogún Hóró Ẹ̀wà: Bí A Ṣe Ń Fi Òṣùwọ̀n Kan Ṣoṣo Wo Síífíì Púpọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn tó ń wáṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: ẹ kéde iṣẹ́ kan, síífíì mẹ́rin tàbí ogójì sì wọlé, kí lẹ máa fi mọ èyí tẹ́ ẹ máa pè?

Síífíì kì í wọ́n ládùúgbò wa. Láti 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà, Ọ̀jọ́ níbí sì ni olú-ọgbà rẹ̀. Ọjà Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò abánáṣiṣẹ́, kò jìnnà sí i rárá. Ẹni tó ń jáde nílé ìwé pọ̀, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ náà pọ̀. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ọ̀gá á kó síífíì sínú ọ̀rá, á gbé e délé lẹ́yìn tó bá ti ṣọ́ọ̀bù, á máa kà á nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ kà, ó fara balẹ̀ kà á. Èyí tó kà kẹ́yìn, orísun rẹ̀ nìkan ló wò: ilé ìwé wo ló lọ, ìlú wo ló ti wá, ta ló fi í ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi í lọ́jọ́ kejì pé kí ló dé tó fi mú ẹni yìí tó fi ọ̀hún sílẹ̀, á ní ọkàn òun ló gbà á.

Mo fẹ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn yín, tí kò ju bébà kan àti bírò lọ. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká ṣe é dé òpin. Mo hùmọ̀ iṣẹ́ náà àti àwọn tó wá a fún ẹ̀kọ́ yìí ni, kì í ṣe ìtàn ẹnì kankan.

Ọ̀gá kan ń ta ínfátà, bátìrì àti páánẹ́ẹ̀lì sólà ní Alábà, ó sì ní sítọ́ọ̀ tó ń kó ẹrù sí ní Ìbà. Ó ń wá ẹni tó máa jẹ́ akọ̀wé ọjà àti owó. Àpèjúwe iṣẹ́ tó kọ nìyí: kí ẹni náà máa kọ ọjà tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́, ní ṣọ́ọ̀bù àti ní sítọ́ọ̀, kó máa ka ọjà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó fi iye tó kà wé iye tó wà nínú ìwé, kó máa fi owó tó wọ báńkì àti èyí tó gba ẹnu POS wọlé wé ìwé ọjà títà ní ìrọ̀lẹ́, kó mọ Ẹ̀sẹ́lì lò, kó lè dá oníbàárà lóhùn tí ọ̀gá kò bá sí nílé. Ó ní kẹ́ni náà ní ìwé ẹ̀rí WAEC, pẹ̀lú kírédíìtì nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán.

Kókó àkọ́kọ́ tó yẹ ká yanjú wà nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ohun kan wà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ohun mìíràn wà tó jẹ́ máàkì, a kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ohun tẹ́ni bá ní tó lè wọlé, tí kò bá ní in kò lè wọlé, kò sì sí máàkì nínú rẹ̀. Kírédíìtì ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà níbí. Ìwé NYSC náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé ìsìnrú ìlú náà lọ́wọ́ ẹni tó gboyè yunifásítì tàbí HND. Ẹni tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó fi gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ló máa mú wá dípò. Ẹni tó ní OND kì í lọ sìn rárá. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá fi NYSC ṣe ohun tó ń gba máàkì máa fún ẹni tó ní OND ní òdo lórí ohun tí kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ló mọ iṣẹ́ náà jù. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi àmì sí i pé ó wọlé tàbí kò wọlé, kẹ́ ẹ tó gbé òṣùwọ̀n jáde.

Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó ní dìgírì, kó ní ìrírí ọdún márùn-ún, kó má ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, kó sì máa gbé ní Ìbà, ẹ ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ láì tíì wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí ọ̀gá bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé iṣẹ́ yìí kò lè ṣeé ṣe rárá láìsí nǹkan yìí? Tó bá lè ṣeé ṣe, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.

Ó kan òṣùwọ̀n gan-an. Láti inú àpèjúwe iṣẹ́ yẹn la ti máa fa ohun tí a ó máa wò yọ, kì í ṣe láti inú síífíì. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé síífíì tó dáa lójú máa ń fi ohun tirẹ̀ kọ́ ọ̀gá. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun gba àmì ẹ̀yẹ nílé ìwé, ló bá di pé ọ̀gá ń wá àmì ẹ̀yẹ kiri nínú síífíì yòókù, bẹ́ẹ̀ àmì ẹ̀yẹ kò sí nínú iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Ohun márùn-ún ló jáde nínú àpèjúwe ọ̀gá wa: àkọsílẹ̀ àti kíka ọjà, fífi owó wé ìwé títà, Ẹ̀sẹ́lì, bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀, àti ẹ̀kọ́ ìwé. Márùn-ún tó. Tó bá ti ń tó mẹ́wàá, ohun kan náà la ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá fẹ́ kọ "ìmọ̀ kọ̀ǹpútà" kún un, àmọ́ kí ni kọ̀ǹpútà máa ṣe nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí Ẹ̀sẹ́lì? Tó bá kọ méjèèjì, ẹni tó mọ Ẹ̀sẹ́lì gba máàkì kan náà nígbà méjì, Ẹ̀sẹ́lì á sì wúwo ju bí ọ̀gá ṣe fẹ́ lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Nígbà náà la máa mú ogún hóró ẹ̀wà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wà gidi, lórí tábìlì, nítorí nọ́ńbà orí bébà rọrùn láti pín kiri, ṣùgbọ́n hóró tẹ́ ẹ bá gbé síbí kò lè sí lọ́hùn-ún mọ́. Ẹ kọ ohun márùn-ún náà sórí bébà márùn-ún, kẹ́ ẹ pín ogún hóró náà lé wọn lórí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe pàtàkì tó fún iṣẹ́ náà. Kí ọ̀gá pín tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àgbà kan tó mọ iṣẹ́ náà pín tirẹ̀ níbòmíràn, lẹ́yìn náà kí wọ́n jókòó jíròrò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná. Ọ̀gá kó hóró mẹ́jọ lé ẹ̀kọ́ ìwé, nítorí ó wù ú kí gírájúétì máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù òun. Òṣìṣẹ́ àgbà bi í pé: "Ọ̀gá, lọ́dún tó kọjá, ibo lowó ti jò?" Ọ̀gá ronú. Bátìrì kan pòórá láàárín Ìbà àti Alábà, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó jáde ní sítọ́ọ̀. Wọ́n gbé ínfátà fún ẹni tó fi áláàtì ayédèrú hàn, owó kò dé báńkì, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó mọ̀. POS kan kọ̀, oníbàárà ní wọ́n ti yọ owó òun, wọ́n gbé ọjà fún un, owó náà sì padà sí àpò rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nítorí pé akọ̀wé kò ní dìgírì. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọjà sílẹ̀ dáadáa tàbí tó ń fi owó wé ìwé lálaalẹ́. Ibi tí òfò ti ń wá ni ìwọ̀n gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n parí, àkọsílẹ̀ ọjà gba hóró méje, fífi owó wé ìwé gba márùn-ún, Ẹ̀sẹ́lì gba mẹ́rin, oníbàárà gba méjì, ẹ̀kọ́ ìwé gba méjì. Ó pé ogún.

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n tó ṣí síífíì kankan. Mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Ẹni tó bá pín ẹ̀wà lẹ́yìn tó ti ka síífíì, ẹni tó ti wù ú ló máa pín in fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi odindi ọ̀sẹ̀ jà lórí bóyá Ẹ̀sẹ́lì yóò gba mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní 1979, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Robyn Dawes, fi hàn pé tí ohun tí a ń wò bá ti jẹ́ ohun tó yẹ, kódà tí ìwọ̀n gbogbo wọn bá dọ́gba, àròpọ̀ rẹ̀ sábà máa ń sàn ju ìdájọ́ amòye tó kàn fojú wọ̀n ọ́n lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ yan ohun tó yẹ, kẹ́ ẹ sì fi òṣùwọ̀n kan náà wo gbogbo èèyàn.

Ohun tó ń ba òṣùwọ̀n jẹ́ jù kì í ṣe ìwọ̀n, máàkì ni. Tẹ́ ẹ bá ní ká fún èèyàn ní máàkì láti òdo dé mẹ́ta lórí àkọsílẹ̀ ọjà, kí ni méjì túmọ̀ sí? Tí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, méjì ọ̀gá lè jẹ́ mẹ́ta òṣìṣẹ́ àgbà, méjì ọ̀gá ní àárọ̀ sì lè di ọ̀kan lálẹ́. Nítorí náà, lábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí nínú síífíì kí máàkì kọ̀ọ̀kan tó wáyé. Ti àkọsílẹ̀ ọjà rèé. Òdo: kò mẹ́nu kàn án rárá. Ọ̀kan: ó dárúkọ rẹ̀ lásán, bíi kó kọ ọ́ sí abẹ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, láìsọ ibi tó ti ṣe é. Méjì: ó sọ ibi tó ti ṣe é àti ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Mẹ́ta: ó sọ èyí, ó sì fi kún un pé òun máa ń ka ọjà, òun máa ń fi wé ìwé, ó sì sọ iye irú ọjà tí òun ń bójú tó. Ẹ máa rí i pé iye ọdún kò sí nínú rẹ̀. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ti owó àti ti Ẹ̀sẹ́lì tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Ti oníbàárà: ọ̀kan fún ẹni tó kàn to àwọn èdè tó gbọ́ sílẹ̀, méjì fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń kojú àwọn èèyàn, mẹ́ta fún ẹni tó ti tajà fún wọn ní èdè tó ju ẹyọ kan lọ. Ti ẹ̀kọ́ ìwé bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, nítorí gbogbo ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló ní WAEC: ọ̀kan fún WAEC nìkan, méjì fún OND tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà, mẹ́ta fún HND tàbí dìgírì tó jẹ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìjà HND àti dìgírì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Àmọ́ iṣẹ́ tí a ń sọ yìí kò ní ohun kan tí ọ̀kan lè ṣe tí èkejì kò lè ṣe, nítorí náà máàkì wọn dọ́gba.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní máàkì, kí ẹnì kan tí kò sí lára àwọn tó ń fúnni ní máàkì bo orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ orí, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, ẹ̀sìn àti bóyá wọ́n ti ṣègbéyàwó, kó sì kọ lẹ́tà sórí síífíì kọ̀ọ̀kan. Àwa la máa ń kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí síífíì wa ní Nàìjíríà, orúkọ nìkan sì ti tó láti sọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ẹni. Ní 2004, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi síífíì tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago, wọ́n fi orúkọ aláwọ̀ funfun sí àwọn kan, wọ́n fi orúkọ aláwọ̀ dúdú sí àwọn yòókù, láìka ohun tó wà nínú síífíì sí. Àwọn tó ní orúkọ aláwọ̀ funfun rí ìpè gbà tó fi nǹkan bí ìlàjì ju ti àwọn yòókù lọ. Kò yẹ ká rò pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní Alábà, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Ègùn ti ń ná ọjà pọ̀.

Àwọn mẹ́rin tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé rèé. A kàwé gboyè ìṣirò owó ní yunifásítì, ó sìnrú ìlú ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbi tó ti ń gba àlejò, ó sì to "ìbáramu owó báńkì" àti "Ẹ̀sẹ́lì" sábẹ́ ohun tó mọ̀. Bébà rẹ̀ rẹwà jù. B ní OND tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ti tọ́jú sítọ́ọ̀ fún ilé ìtajà ńlá kan ní Okokomaiko: ó kọ ọ́ pé irú ọjà tí òun ń bójú tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, pé òun ń kà wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ń fi iye tó kà wé ìwé, pé òun ń kọ wọ́n sínú Ẹ̀sẹ́lì, òun sì ń fi ti POS wé ìwé títà. Ó to àwọn èdè tó gbọ́ sílẹ̀. D ní HND tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì kékeré kan níbi tó ti ń kojú àwọn oníbàárà: lálaalẹ́ ló ń fi owó àwọn aṣojú POS mẹ́fà wé ìwé, ó ṣe àwọn ojú ewé Ẹ̀sẹ́lì tó fi ń ṣe é, ó sì sọ fọ́múlà tó lò. Àmọ́ ní ti ọjà, orúkọ lásán ló kọ. E kọ́ṣẹ́ títà bátìrì ní Alábà, ó ti lo ọdún méje níbẹ̀, ó ń kọ ọjà tó wọlé tó jáde, ó ń tajà ní Yorùbá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ fífi owó wé ìwé lásán, kò sì mẹ́nu kan Ẹ̀sẹ́lì.

Ẹ má ka síífíì A dópin kẹ́ ẹ tó lọ sí B. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ọjà nínú A, B, D àti E, kẹ́ ẹ kọ máàkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà sí A fún ti owó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Daniel Kahneman, onímọ̀ tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, sọ bí òun ṣe yí ọ̀nà tí òun gbà ń máàkì ìdánwò padà: ó rí i pé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní dáadáa, òun á máa ṣàánú rẹ̀ lórí ìkejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìbéèrè kìn-ín-ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kó tó kan ìkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú síífíì. Ẹwà bébà A lè mú kẹ́ ẹ rò pé ó mọ ọjà í kà.

Ìdẹwò tó tóbi jù ni E. Ọ̀gá rí ọdún méje, ó fẹ́ kọ mẹ́ta. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ẹni tó bá gba mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń ka ọjà, òun sì ń fi wé ìwé. E kò sọ bẹ́ẹ̀. Méjì ló gbà. Kì í ṣe ìkà ni a fi ṣe é. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún jọ lórí ohun tó ń sọ bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe ṣe dáadáa sí. Iye ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò sọ púpọ̀, fífún un ní díẹ̀ lára iṣẹ́ náà kó ṣe é lójú yín ló sọ púpọ̀. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ló wálẹ̀, àmọ́ ìdánwò iṣẹ́ ṣì ju iye ọdún lọ dáadáa.

Máàkì wọn rèé, bí ohun márùn-ún náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. A: 0, 1, 1, 2, 3. B: 3, 2, 2, 1, 2. D: 1, 3, 3, 2, 3. E: 2, 1, 0, 3, 1. Ẹ fi iye hóró ẹ̀wà sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po, kẹ́ ẹ rò wọ́n pọ̀. Ti B ni 7 lọ́nà 3, ó jẹ́ 21. 5 lọ́nà 2, ó jẹ́ 10. 4 lọ́nà 2, ó jẹ́ 8. 2 lọ́nà 1, ó jẹ́ 2. 2 lọ́nà 2, ó jẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 45 nínú 60. D gba 44, E gba 27, A gba 19.

Ẹ wo A àti E dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kàn ro máàkì wọn pọ̀ láìsí ẹ̀wà, méje méje ni àwọn méjèèjì gbà. Ẹ̀wà ló sọ pé méje ti E wà nídìí iṣẹ́ tí ọ̀gá ń wá, pé ọ̀pọ̀ jù nínú méje ti A wà níbi tí òfò kì í ti í wá.

Ẹni tó bá fẹ́ lo Ẹ̀sẹ́lì, kó kọ ìwọ̀n sí ìlà kejì, láti B dé F, kó kọ máàkì àwọn èèyàn láti ìlà kẹta lọ, kó wá kọ fọ́múlà yìí sí G3, kó fà á wálẹ̀:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$F$2,B3:F3)
```

Àmì dọ́là yẹn ló ń di ìlà ìwọ̀n mú kó má bá fọ́múlà rìn wálẹ̀. Ewu kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí: àyè tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kọ máàkì sí, òdo ni fọ́múlà yìí máa kà á sí, kò sì ní ké. Nítorí náà, ẹ kọ `=COUNT(B3:F3)` sí H3. Tí kò bá fún yín ní 5, máàkì kan kù.

Bí wọ́n bá jẹ́ ẹni méjì tó ń fúnni ní máàkì, kí oníkálukú ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀kan yàtọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìdajì àròpọ̀ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti fi méjì yàtọ̀, ẹnì kan nínú wọn kò rí ohun tí ẹnì kejì rí, kí wọ́n padà sínú síífíì lọ fi ìka tọ́ gbólóhùn náà. Tí irú ìyàtọ̀ yìí bá ń wáyé lórí ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo síífíì, ìtumọ̀ máàkì tẹ́ ẹ kọ ni kò yé, òun ni kẹ́ ẹ tún kọ.

Ṣé B ti borí D nìyẹn? Rárá o. 45 àti 44 kì í ṣe ìyàtọ̀. Ẹ dán an wò: ẹ mú hóró kan ṣoṣo kúrò lórí àkọsílẹ̀ ọjà, kẹ́ ẹ gbé e sórí owó, kó di mẹ́fà mẹ́fà. B á di 44, D á di 46, ipò wọn á sì yí padà. E á di 26, A á di 20, ipò tiwọn kò yí. Ohun tí òṣùwọ̀n náà sọ nìyí: B àti D wà lókè, A àti E wà nísàlẹ̀, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó bá mú B láìpe D nítorí máàkì kan ti béèrè lọ́wọ́ bébà ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí nígbàkigbà, ẹ máa gbé hóró kan sọ́tùn-ún sósì, àwọn tí ipò wọn bá ń yí padà ni kẹ́ ẹ pè papọ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Òdo tí A gbà kò sọ pé kò mọ ọjà kọ, ohun tó sọ ni pé síífíì rẹ̀ kò wí i. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń ka àpò ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà láti kékeré, tó rò pé kò yẹ ní kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìgírì. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é, ohun tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ṣe, àti iye rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe ẹnì kan lórí fóònù láti bi í ní ohun tí síífíì rẹ̀ kò sọ, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi gbogbo wọn. Kò tọ́ kí ẹ bi ọmọ ọ̀rẹ́ yín nìkan.

Ó ku B àti D. Ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n wá jókòó sọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ tẹ ìwé ọjà títà ọjọ́ kan, nǹkan bí ogójì ìlà, àti ìwé báńkì ọjọ́ náà. Ẹ fi àṣìṣe mẹ́ta pamọ́ sínú rẹ̀: owó kan tó wà nínú ìwé títà tí kò dé báńkì, owó POS kan tó padà, àti bátìrì kan tí wọ́n kọ pé ó jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ó jáde ní sítọ́ọ̀. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Ẹ wo àṣìṣe mélòó tí oníkálukú rí, kẹ́ ẹ sì wo ọ̀nà tó gbà rí i: ṣé ó to nọ́ńbà kó tó wá a ni, àbí ó kàn ń fojú wá a kiri. Ẹ ti kọ bẹ́ ẹ ṣe máa fún un ní máàkì sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, bẹ́ ẹ ṣe ṣe pẹ̀lú ẹ̀wà.

Kẹ́ ẹ tọ́jú bébà òṣùwọ̀n náà pamọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú síífíì síbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn kò ti lè tó o. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn ló wà nínú rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì kan ṣọ́ọ̀bù Alábà bó ṣe kan báńkì. Ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Wáńsáàpù àwọn ọlọ́jà. Tí E bá pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bi yín pé kí ló dé tí ọdún méje òun ní Alábà kò mú òun wọlé, ẹ gbé bébà náà jáde kẹ́ ẹ dá a lóhùn láti orí rẹ̀: síífíì rẹ kò sọ pé o máa ń ka ọjà kó o sì fi wé ìwé, kò sì sí Ẹ̀sẹ́lì nínú rẹ̀.